Ìwé Ìṣẹ́jú Dùùrù Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin ló ń tẹ dùùrù. Èmi ni mò ń ka ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ kí èyí yé ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ náà ní ilé wa ní Ìkirè, wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni kò ṣe tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ku bí ọdún kan tàbí méjì kí wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdírì, òun sì wà ní kíláàsì mẹ́ta sẹ́yìn mi. Dùùrù kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, irú èyí tí a máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá sì dúró, orin á kú mọ́ ìka lọ́wọ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti kékeré nípa wíwo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó yá, bàbá wa mú un lọ sí Àpómù, lọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, tó sì ti tẹ dùùrù fún ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Bàbá Tíṣà kì í kọ́ni lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ jókòó níwájú rẹ̀. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí yóò máa kọ ìṣẹ́jú tó fi tẹ dùùrù lójoojúmọ́ sí: ọjọ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, iye ìṣẹ́jú, àti ohun tó tẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò kọ àpapọ̀ sórí páálí pẹlẹbẹ kan, yóò kọ iye tí Bàbá là sílẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, yóò kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, yóò sì fi ìlà kan sọ ibi tó le fún un. Páálí yẹn nìkan ni yóò fi ránṣẹ́ sí Àpómù. Ìwé ojoojúmọ́ yóò wà nílé. Bàbá á kọ èsì sí ẹ̀yìn páálí: kí o tẹ ọwọ́ òsì nìkan fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ ń sáré ju ọwọ́ rẹ lọ, má fi ìjókòó lásán kún ìṣẹ́jú.

Iye tó là sílẹ̀ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìyẹn igba ó lé mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ó ní tí ọjọ́ kan bá ṣòfò, kí ọjọ́ mìíràn san án, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ má ṣe dín.

Àbúrò mi kò fẹ́ràn ìṣirò. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Báyìí ni ìwé ṣe di tèmi. Mo máa ń gbé aago orí tábìlì bàbá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ akọrin, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ìka rẹ̀ yóò fi kan dùùrù. Bí ó bá dúró láti yẹ ìwé orin wò, mo máa ń yọ ọ́ kúrò. Ó máa ń sọ pé ọlọ́pàá ni mí. Mo rò pé mò ń ṣe é ní oore.

Ní oṣù kan, nígbà tí a lọ sí Àpómù, Bàbá Tíṣà sọ fún wa pé ọmọ òun tó wà ní Kàdúná fẹ́ kí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti ń le. Dùùrù tirẹ̀ wà ní yàrá ìgbàlejò, ó dúdú, ó ń dán, ìdérí rẹ̀ sì ti ṣá níbi tí ọwọ́ ti ń gbé e. Ó ní òun kò ní gbé e lọ sí Kàdúná. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Gbọ̀ngán ti bẹ òun fún un, ṣùgbọ́n òun kọ́kọ́ fẹ́ wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan tọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ló kù sí òun lọ́wọ́, àbúrò mi àti ọmọkùnrin kan ní Ararọ̀mí-Òwu. Ẹni tó bá pé igba ó lé mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá léraléra, láìsí ọ̀sẹ̀ kan tó dín, òun ni dùùrù yóò bá lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pé e, òun á gbọ́ orin wọn kí òun tó yàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pé e, ó di ti Gbọ̀ngán.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìkirè, àbúrò mi bi mí léèrè bóyá dùùrù lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá wa kọjá. Mo wọn ẹnu ọ̀nà náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbà á.

Ọjọ́ Àìkú ni a bẹ̀rẹ̀. Mo fa ìlà sí ojú ìwé mẹ́wàá, ojú ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ kan, láti Ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo bá ṣí ojú ìwé tuntun, mo máa ń kọ́kọ́ kọ Ọjọ́ Àìkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá sí òkè rẹ̀, lẹ́yìn náà Ajé, Ìṣẹ́gun, títí yóò fi dé Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó dà bíi pé ó tọ́. Lójú mi, ó tilẹ̀ mọ́ ju bí àwọn ẹlòmíràn ṣe lè ṣe é lọ.

Ọ̀sẹ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní Ọjọ́rú, ìpàdé àdúrà máa ń gba ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà òfo ni. Ní àwọn ọjọ́ yòókù láàárín ọ̀sẹ̀, ó máa ń tó ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ilé-ìwé. Ní Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣófo, a sì lè pẹ́. Mo máa ń fún un ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, mo sì máa ń ro ó lójú ẹsẹ̀ lórí ìwé. Bí mo bá rí i pé ó ti lé ní igba ó lé mẹ́wàá, mo máa ń ní ó tó. Ìyá wa ń dín dòdò tà létí títì, Ọjọ́ Àìkú sì ni àwọn èrò ọkọ̀ máa ń rà á jù. Ó nílò ẹni tí yóò máa pọ́n ọn. Nítorí náà, bí ìṣẹ́jú bá ti pé, ibẹ̀ ló yẹ kí àbúrò mi wà.

Mo rántí dáadáa, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, tó sọ pé kí n jẹ́ kí òun tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ọwọ́ òsì òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ràn. Mo fi ìwé hàn án. Mo ní ó ti pé, ó tilẹ̀ fi márùn-ún lé. Ó pa ìdérí dé.

Obìnrin kan ní ilé kejì wa ló ń bá wa mú páálí lọ sí Àpómù. Abọ́ onírin aláwọ̀ ló ń tà, ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà níbẹ̀, ó sì ń lọ ní gbogbo àárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti kírun. Ìyá Alábọ́ ni a ń pè é. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń gbé páálí fún un, òun náà á sì fi há inú gèlè rẹ̀. Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní òun tí òun kò mọ ìwé ni a sọ di póòsìmáànù. Ó ní ó jọ pé àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì kì í kọrin láìkọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń gba páálí, á wo ojú àbúrò mi, á bi í pé, "Ìyàwó wa, ṣé ó pé?" Àbúrò mi á ní ó pé, mà. Á ní ó dára, dùùrù ń bọ̀ nílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, Bàbá Tíṣà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí pé ọmọ Ararọ̀mí-Òwu ti já, pé ó ku àbúrò mi nìkan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá wa ka páálí náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ igun yàrá kan mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pé. Páálí mẹ́wàá lọ, kò sí èyí tó dín. Bàbá Tíṣà ní kí a wá ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a mú ìwé ojoojúmọ́ dání kí òun lè wò ó, nítorí pé páálí nìkan ni òun ti ń rí. Bàbá wa bá onípíkọ́ọ̀pù kan sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ká aṣọ àtijọ́ ìyá wa kan mọ́ra, èyí tí a ó fi bo dùùrù kí eruku má bàa wọ inú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó ń wẹ̀, mo jókòó láti kọ ojú ìwé ìkẹyìn, èyí tí yóò fi àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ hàn. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Mo ro àpapọ̀ páálí mẹ́wàá: ó jẹ́ ẹgbàá ó lé àádọ́jọ. Lẹ́yìn náà, kí n lè dá ara mi lójú, mo ro ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn bí kàlẹ́ńdà ṣe tò wọ́n. Ó dín ní irínwó ó lé márùn-ún. Mo tún un rò. Bákan náà ni. Mo pín irínwó ó lé márùn-ún sí ọ̀nà mẹ́wàá, kò pín dọ́gba; mo pín in sí mẹ́sàn-án, ó fún mi ní márùndínláàádọ́ta. Mo mọ ọjọ́ tó ní márùndínláàádọ́ta.

Mo ti ka Ọjọ́ Àìkú mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan àti ní òkè èyí tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan náà, ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ nílé wa náà nìyẹn. Ìyá Alábọ́ ń ka ọjà rẹ̀ ní ọrọọrún, òní tó ná an wà nínú kíkà, ọjọ́ karùn-ún tí yóò tún ná an wà nínú kíkà, ọjọ́ ọjà kan náà sì ni òpin ọrún kan àti ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí ẹnìkan bá ní ìjọ́ kẹjọ òní ní Ọjọ́ Àìkú, Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ló ń wí. Kò sí ẹni tí irú ọ̀nà kíkà bẹ́ẹ̀ ń pa lára, nítorí ọjọ́ nìkan ni a fi ń wá. Ṣùgbọ́n èmi kó ìṣẹ́jú sínú rẹ̀. Bàbá Tíṣà fi ọjọ́ méje ṣe igba ó lé mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ń gbé síwájú rẹ̀. Bí a bá yọ Ọjọ́ Àìkú kan kúrò nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àádọ́sàn-án ló kù, tàbí díẹ̀ sí i. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó pé.

Àbúrò mi jáde, ó ti wọ aṣọ Sọ́ńdè rẹ̀. Ó ní, ṣé kí a máa lọ. N kò sọ fún un. Mo ti rò ó títí kí n tó lè sọ ìdí rẹ̀, ohun tí mo sì rí ni pé mò ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ́, n kò rí i kí ọkọ̀ tó dé Àpómù.

Bàbá Tíṣà ti múra sílẹ̀ dè wá. Ó ti nu dùùrù náà, ó ti fi okùn so ìdérí rẹ̀ kí ó má bàa ṣí lójú ọ̀nà. Ó ní kí àbúrò mi jókòó, ó pè é ní onídùùrù tuntun. Ó na ọwọ́ sí mi fún ìwé. Mo gbé e fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣí i. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ojú ìwé, Ọjọ́ Àìkú tó wà lókè, èyí tó wà nísàlẹ̀, irínwó ó lé márùn-ún, bí mo ṣe pín in. Mo sọ ọ́ dáadáa, bí ẹni tó dúró níwájú pátákó ní kíláàsì. Lónìí, n kò lè sọ pé nítorí òtítọ́ nìkan ni mo ṣe sọ ọ́. Apá kan nínú mi dùn pé èmi ni mo rí àṣìṣe náà. Àbúrò mi wà níbẹ̀, aṣọ tó ká wà ní itan rẹ̀, ẹnu mi ló sì ti gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bàbá Tíṣà kò bínú. Ó ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tó le yẹn tọ́ ọjọ́ tòkè àti tìsàlẹ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bi àbúrò mi pé, "Ta ló ń sọ fún ọ pé ó tó ní Sọ́ńdè?"

Àbúrò mi ní, "Ìwé ni, Bàbá."

Kò dárúkọ mi. Mo rò ó nígbà púpọ̀ lẹ́yìn náà pé ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i ní tòótọ́, pé ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń bò mí ní àṣírí. N kò bi í rí.

Mo ní ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá ní òun mọ̀. Ó wo dùùrù tí ó ti so. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dun òun náà.

"Ọmọ Ararọ̀mí-Òwu yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù fún un ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo ní ó ti tán. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Mo ti wá èsì sí ìbéèrè yẹn láti ìgbà náà, mo sì gbà pé ó tọ́ bí ó ṣe ṣe é. Bí ó bá fún wa, ọmọ tó kọ òtítọ́ ránṣẹ́ ni ì bá jìyà òtítọ́ rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ṣì wà, òun ì bá ní kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ṣùgbọ́n ọmọ òun ń bọ̀ wá mú òun lọ kí oṣù tó parí. Ó ní kí àbúrò mi tẹ orin kan fún òun kí ó tó lọ. Ó tú okùn náà fúnra rẹ̀. Àbúrò mi jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó gbé ọwọ́ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Bàbá wa bẹ onípíkọ́ọ̀pù pé kó má bínú. Ìyá wa kò bá mi wí. Ó kàn gbé àpótí aṣọ padà sí igun yàrá tí ó ti palẹ̀ mọ́. Ní Ọjọ́ Ajé, Ìyá Alábọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó lọ, ó bèèrè bóyá kò sí iṣẹ́ fún póòsìmáànù. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó jókòó sórí àpáta ìta wa fún ìgbà pípẹ́, ó sì pẹ́ dé ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ará Gbọ̀ngán wá gbé dùùrù.

Mo ti gbìyànjú láti wọn ohun tí mo mọ̀ dájú. N kò lè fi ẹ̀rí sọ pé àbúrò mi ì bá pé e. Ogójì ìṣẹ́jú kì í ṣe díẹ̀ lọ́sẹ̀ ọmọ ilé-ìwé tó tún ń pọ́n dòdò. Ohun tí mo lè sọ ni pé àyè wà, pé dùùrù wà níbẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, pé ó bèèrè, àti pé èmi ni mo ní kí ó pa á dé. Èyí dá mi lójú. Ìyókù, ìrò ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé aago lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́rin. Bàbá Tíṣà kò tíì lọ, kò sì tíì sọ fún wa pé kí a má fi páálí ránṣẹ́ mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àbúrò mi kò wá. Mo kọ òfo sí Ọjọ́ Ajé. Mo kọ òfo sí Ìṣẹ́gun. N kò fipá mú un; mo rò pé bí mo bá ń pa àyè rẹ̀ mọ́ nínú ìwé, yóò padà wá bá a. Ojú ìwé náà ní ìlà méje péré. Mo ti fà á dáadáa.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ó bá mi lórí tábìlì nílé, níbi tí mo ti ń kọ páálí. Mo ti kọ òfo sí iwájú àpapọ̀, mo ti kọ igba ó lé mẹ́wàá sí abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ní epo dòdò. Ó dúró, ó kà á tán. Kò sunkún, kò sì gbé ohùn sókè. Ó mú pẹ́ńsù náà kúrò lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má kọ ọ́ mọ́. Ohun tí n kò ṣe, ẹ má kà á fún mi."

Mo pa ìwé náà dé. Kò tíì fọwọ́ kan dùùrù mọ́ títí di òní.